Kòtò Inú Àga Bàbá

Wọ́n ń pe ọkọ mi ní Àtúnwọ̀n. Kò sí àga tó máa wọ ṣọ́ọ̀bù wa tí kò ní wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kó tún pè mí kí n wá bá a wò ó. Òun ló ń ṣe igi àti fóòmù, èmi ni mò ń rán aṣọ rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Èmi ni mo lẹ́nu.

Ìyá àgbà kan pè wá nítorí àga olóògbé ọkọ rẹ̀. Aṣọ ti ya, bẹ́líìtì abẹ́ ìjókòó ti já. A fẹnu kò sí i: aṣọ aláwọ̀ ewé tó dúdú díẹ̀, kí fáníìṣì igi má dán jù, kí ìjókòó ga ní ínṣì méjìdínlógún bíi ti tẹ́lẹ̀. Màmá wá gbé ọwọ́ lé kòtò tí ìjókòó bàbá ti ṣe sínú fóòmù, tó tẹ̀ sápá òsì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan èyí. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi."

Ọkọ mi ní kò burú.

Ọmọbìnrin màmá sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ bá mi ju fóòmù yẹn nù o. Tuntun tó le ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Àga ni màmá ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́."

Ọkọ mi tún ní kò burú! Inú bí mi. "Ta lẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ fún gan-an?"

Fóòmù tuntun ló fi sí i, lórí bẹ́líìtì tuntun. A gbé àga náà lọ lọ́sàn-án gangan, ó rẹwà, irọ́ ò sí. Màmá fọwọ́ tẹ ìjókòó, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò pariwo. Ó kàn wò wá lójú.

"Níbo lẹ gbé e sí?"

Ojú tì mí. A tún gbé àga náà padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Fóòmù àtijọ́ wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí oòrùn kì í dé. Mo ki ọwọ́ bọ kòtò rẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo yọwọ́ kíá. Ojú mi báyìí ni apá òsì rẹ̀ rọra lọ sílẹ̀, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá fara balẹ̀ jókòó. Mo ké pe ọkọ mi. Ó wò ó, ó sì na ọwọ́ sí tépù.

"Yéè! Kí lẹ fẹ́ wọ̀n níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká dá bàbá padà sílé!"

Ó gé fóòmù tuntun pẹlẹbẹ sísàlẹ̀, ó tẹ́ ti àtijọ́ lé e lórí, ó wọ̀n ọ́n: ínṣì méjìdínlógún géérégé. Mo fi aṣọ bò ó.

Nígbà tí a gbé e dé, ọmọ màmá fajú ro. Màmá fọwọ́ wá kòtò náà, ó rí i, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó fa àpótí ìjókòó kékeré kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní fún àga náà. "Wọ́n dá yín dúró pẹ́ níta."

Bẹ́líìtì tuntun dún. Aṣọ tí èmi fúnra mi rán lọ sílẹ̀ lápá òsì. Ọmọ màmá kúnlẹ̀ síwájú àga.

"Ẹ má bínú, Bàbá mi."