Ọjọ́ Tí Sodiqat Ti Wáífáì Sàárà Pa

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé wáífáì ilé Alhaji Ṣùkúrù ní Ṣakí ń yára, ẹ bi í bóyá ojú àlá ló ti rí i. Ẹ ní kí ó ṣí fídíò kan ṣoṣo fún yín, kí ẹ wá lọ wẹ̀, kí ẹ kírun, kí ẹ sì bá wọn parí ìjà kan níta. Bí ẹ bá padà dé, ẹ ó bá a níbi tó ti ń yí bírípé-bírípé. Sodiqat, ọmọ-ọmọ Alhaji, ni ìyà náà ń jẹ jù.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kàwé láti ilé ni Sodiqat ń lọ, ìṣirò okòwò ló sì ń kọ́. Nígbà ìdánwò tó kọjá, ó ti dáhùn ìbéèrè kọjá ìdajì kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dákú. Kó tó jí, àkókò ti lọ, kọ̀ǹpútà ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Wọ́n ní kó tún ìdánwò náà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì sí ẹ̀ẹ̀kẹta. Bí èyí náà bá bọ́, yóò tún gbogbo ọdún yẹn kà látòkè délẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ya fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ọ̀rọ̀ náà ká a lára débi pé ọkà kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ mọ́.

Nígbà tí ìdánwò kejì ku ọ̀la, Sodiqat dìde lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó ní lónìí yìí lòun àti ẹ̀rọ wáífáì máa mọ ọ̀gá. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀ ló ti bá a, lẹ́yìn àwọn àwo tánganran tí ẹnikẹ́ni kò fi jẹun rí. Mujeebat, ìyá rẹ̀, tún ti fi aṣọ nípọn-nípọn kan bò ó mọ́lẹ̀. Ara ẹ̀rọ gbóná bí ẹni tí ibà ń ṣe. Nínú iná tó ń fi agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn, ẹyọ kan péré ló ń tàn, òun náà sì ń ṣẹ́jú.

"Màmá! Ẹ̀yin lẹ fi aṣọ bo nǹkan yìí?"

"Ṣé kí n máa wò ó kí eruku ọyẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

Sodiqat ṣí aṣọ náà kúrò lórí rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sí yàrá rẹ̀, ó gbé e ka ojú fèrèsé tó kọjú sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lókè lọ́hùn-ún. Kò pẹ́, gbogbo iná tàn. Ó pàtẹ́wọ́, ó jó díẹ̀, ó wá ṣí fídíò. Fídíò ń yí bírípé-bírípé. Ijó náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Nígbà náà ló dojú ẹ̀rọ délẹ̀, ó ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ó fi í wọ ojú-ewé ẹ̀rọ náà lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí èèyàn ti lè rí gbogbo ohun tó so mọ́ ọn. Ló bá pariwo, "Yéè! Mo gbé!" Ènìyàn mẹ́ta ló ń gbé ilé yẹn o, ṣùgbọ́n fóònù tó so mọ́ wáífáì pọ̀ ju àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ọ̀kan ń jẹ́ Ládàánì. Ọ̀kan ń jẹ́ Oníṣu Ògbóòrò. Òmíràn tiẹ̀ ń jẹ́ Má Fọwọ́ Kàn Mí.

Ó sáré jáde. Ẹ̀rọ omi kan wà níwájú ilé wọn, tí Alhaji gbẹ́ láti fi ṣe sàárà fún àdúgbò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ti kún, omi ń ya dànù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wo omi. Orí gbogbo àwọn tó wá pọn omi ló tẹ̀ ba sínú fóònù. Lára ògiri lókè ẹnu ẹ̀rọ, Alhaji ti fi ẹfun kọ ọ́ gàdàgbà: OMI Ọ̀FẸ́. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ: WÁÍFÁÌ Ọ̀FẸ́, páásíwọ́ọ̀dù sì tẹ̀ lé e.

"Bàbá àgbà, ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí?"

"Èmi ni," Alhaji dáhùn látorí bẹ́ǹṣì rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. "Sàárà ni, ọmọ mi. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù."

"Bàbá, ilẹ̀ tútù tí ẹ̀ ń wí yìí, èmi ló ń yọ̀ ṣubú lórí ẹ̀!" Omijé lé ròrò sójú rẹ̀. "Ohun tó ń wọlé sínú ẹ̀rọ yẹn kò ju ẹnu páìpù kan lọ. Tí gbogbo Ṣakí bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìkán-ìkán ló máa kan oníkálukú. Ìkán tó kàn mí ló pa ìdánwò mi lọ́jọ́sí."

Alhaji ṣí fìlà, ó họ orí. Bàbá náà fẹ́ràn Sodiqat ju ojú rẹ̀ méjèèjì lọ. Kò mọ̀ pé sàárà òun ló ń pa ọmọ òun lẹ́kún.

"Ó dáa, tì í. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ṣe tán lọ́la, ṣí i padà. Mi ò sì ní bá ọ purọ́ o. Ẹni tó bá bi mí, òótọ́ ni màá sọ fún un."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ ò tiẹ̀ ní láti sọ̀rọ̀ rárá."

"Èmi? Kí n má sọ̀rọ̀?" Alhaji wò ó bíi pé ó ní kí òun má mí mọ́.

Sodiqat wọlé, ó yí páásíwọ́ọ̀dù padà. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ké "Háà!" níta bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ. Ẹnì kan ń gbọn fóònù rẹ̀ jìgìjìgì. Òmíràn dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, ó gun orí rẹ̀, ó na fóònù sókè ọ̀run. Ní yàrá, fídíò Sodiqat ń ṣàn gẹrẹrẹ bí omi odò. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó tún jókòó ka ìwé rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ti ilẹ̀kùn. Olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Cornelius, yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ka òfin fún òun àti àwọn tó jọ ń tún ìdánwò ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má dìde. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan fóònù. Kò gbọdọ̀ sí ẹlòmíràn nínú yàrá, wọn kò sì gbọdọ̀ máa gbọ́ ohùn ẹlòmíràn níbẹ̀. Ìkìlọ̀ méjì ni òun máa ṣe, ní ẹ̀ẹ̀kẹta, òun á yọ ẹni náà dànù.

"Sodiqat," olùkọ́ ní, ẹnu ń yà á, "ṣé Ṣakí lo ṣì wà? Ojú rẹ mọ́ ju tàwọn tó wà ní Ìbàdàn lọ! Mò ń gbóhùn rẹ ketekete."

Orí Sodiqat wú. Ẹ gbà mí, èmi ìbá ti sọ fún un pé kó má tíì yọ̀! Wáífáì tó ń wọ́lẹ̀ ti bo àṣírí ilé Alhaji Ṣùkúrù láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ní ìdánwò tó kọjá, bí màlúù bá ké lẹ́yìn rẹ̀, olùkọ́ kò lè gbọ́ ọ. Ní báyìí tí gbogbo nǹkan dáa, bí eṣinṣin bá húkọ́ ní yàrá yẹn, wọ́n á gbọ́ ọ dé Ìbàdàn.

Kò tíì dáhùn ìbéèrè mẹ́ta nígbà tí ilẹ̀kùn dún kẹẹ́. Alhaji ti orí bọlé. "Sodiqat, ṣé ó ń yára?"

"Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́!" ni Ọ̀gbẹ́ni Cornelius wí. "Sodiqat, mo rí bàbá kan lẹ́yìn rẹ. Fìlà rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kó jáde."

Alhaji fọwọ́ bo ẹnu, ó jáde.  Sodiqat tún tẹ orí mọ́ ìṣirò rẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò ti dé níta nígbà yẹn, wọ́n wá béèrè ohun tó ṣe wáífáì. Alhaji kò sì purọ́. Sodiqat gbọ́ ọ láti fèrèsé: "Sodiqat ló tì í. Ìdánwò ló ń ṣe lórí rẹ̀. Tí kò bá yege lónìí, ọdún rẹ̀ bọ́ nìyẹn."

Sodiqat rò pé wọ́n á bínú. Ìbá sàn kí wọ́n bínú! Ọmọlúàbí ni gbogbo wọn, àánú rẹ̀ ló ṣe wọ́n. Ẹnì kan ní, "Àwa la fa ti èyí tó bọ́ lọ́jọ́sí. Ẹ jẹ́ ká ṣàdúà fún ọmọ yìí." Ta ni wọ́n sì ní kó ṣáájú? Ràsáàkì ládàánì, tó máa ń pe ìrun láìlo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí wọ́n á sì gbọ́ ọ lẹ́yìn ìlú. Ó wá dúró sábẹ́ fèrèsé gan-an, kí àdúà lè tètè bá a.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí Sodiqat gbàgbé!"

"ÀMÍN!"

"Ohun tí kò kà, Ọlọ́run sọ ọ́ sí i lọ́kàn!"

"ÀMÍN O!"

Nínú kọ̀ǹpútà, gbogbo kíláàsì gbórí sókè. Ọmọkùnrin kan ní Ìlúà gbàgbé ara rẹ̀, ó ní "Àmín."

"Ìkìlọ̀ kejì!" Ohùn olùkọ́ ti yí padà. "Sodiqat, èyí ló kẹ́yìn. Tí mo bá tún gbọ́ ohùn kankan níbẹ̀, o ti parí nìyẹn."

Sodiqat kò gbọdọ̀ dìde. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù. Ó kàn jókòó síbẹ̀ bí ère, omijé ń já bọ́ sórí bọ́tìnnì, ó ń bẹ Ọlọ́run kí ó dá àdúà àwọn tó ń bẹ Ọlọ́run fún un dúró. Ó gbọ́ tí Ràsáàkì fa èémí sínú fún àdúà tó kàn.

Ni gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ lọ wíì.

Kò gbọ́ àmín, kò gbọ́ ikọ́. Sodiqat kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì dúró wádìí. Ó gbá ìṣirò mú, ó ń rò ó, ó ń yọ ọ́, ó ń dáhùn. Nígbà tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ aláwọ̀ ewé jáde pé ìdáhùn rẹ̀ ti wọlé. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó fò sókè, ó bẹ́ síta.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Mujeebat jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ dátà. Kì í bá wọn fi wáífáì ilé ṣe nǹkan kan, ó ní ó ti lọ́ra jù. Tirẹ̀ ló máa ń rà. Bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i, á kọ́kọ́ pè yín kí ẹ ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀, kó tó mọ̀ bóyá ó yẹ ní ṣíṣí. Àbúrò rẹ̀ ní Òfìkì fi fídíò ọmọ tuntun ránṣẹ́ sí i, ọmọ ọ̀hún ti ń rìn, Mujeebat kò tíì wò ó.

Òun ni Sodiqat bá tó gun orí bẹ́ǹṣì Alhaji, tó na fóònù sókè. Ó ti gbọ́ ohùn olùkọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó sì ti ṣí họ́tísípọ́ọ̀tù fóònù tirẹ̀, ó fi dátà tirẹ̀ ṣe wáífáì fún gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, ó sì ṣe àmì pé ẹni tó bá yanu, òun á pa wáífáì náà. Bíi fóònù mẹ́wàá péré ló lè gbà, nítorí náà àwọn tó kù ń na ọrùn wo ti ẹlòmíràn. Ràsáàkì ládàánì ń wo eré apanilẹ́rìn-ín, ó ki fìlà bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́. Kò sí ẹni tó dún.

"Ṣé ó wọlé?" Mujeebat fi ète lásán béèrè.

"Ó wọlé, Màmá! Gbogbo rẹ̀ wọlé!"

Fóònù dún nígbà náà. Mujeebat sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí i, pé dátà rẹ̀ tán. Gbogbo wọn ń wo ojú rẹ̀, wọ́n ń retí igbe.

"Kó tán," ni ó wí. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbá Sodiqat mọ́ra, ó bú sẹ́kún, ó tún bú sẹ́rìn-ín. "Kó tán jàre! Ìwọ ṣáà ti wọlé."