Iṣẹ́ Tí Wọ́n Ní Soukourath Kọ̀

Ní àdúgbò Akron, kò sẹ́ni tí kò mọ Soukourath, ọmọbìnrin tó ń tún fírígò, ẹ̀rọ amómitutù, ṣe. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá rán an dé ilé oníbàárà, àwọn ará ilé á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọkùnrin kan ń bọ̀. Bàbá rẹ̀ ló fà á lé Ọ̀gá Bouraïma lọ́wọ́ láti kọ́ṣẹ́ náà kó tó kú. Ó ní, "Má fi ohunkóhun pamọ́ fún un." Bouraïma ní òun gbọ́. Etí gbọ́ lóòótọ́, inú ni kò gbà á.

Ó pé ọdún mẹ́ta tí Soukourath ti ń kọ́ṣẹ́. Ó ti mọ páìpù í jó, ó mọ bí a ti ń fi ìfófòó ọṣẹ wá ibi tí gáàsì ti ń jò, kò sì gba nǹkan kan ju owó oúnjẹ ọ̀sán lọ. Ohun tó kù fún un ni gáàsì tuntun tó wà nínú fírígò ayé ìsinsìnyí, èyí tó ń gbiná bíi gáàsì ìdáná. A kì í fojú bù ú. Òṣùwọ̀n la fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, fírígò àlòkù ni yóò máa tún ṣe títí táwọn àlòkù náà yóò fi tán nílùú.

Àsìkò yẹn ni òtẹ́ẹ̀lì kan ń wá ẹni tí yóò máa fọ kílíìmù, ẹ̀rọ amúlétutù inú yàrá, ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún fáráǹkì lóṣù. Ìyá rẹ̀, Kouboura, ń fi igi dín àkàrà ní Tokpota, èéfín ti pọ́n ojú rẹ̀ bí epo. Soukourath lọ kúnlẹ̀ síwájú ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé kí n lọ, àbí kí n dúró de gáàsì tuntun?"

"Ta ni yóò kọ́ ẹ? Èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n. Èéfín ń fọ́ ìyá ẹ lójú, ìwọ ń sọ gáàsì! Lọ gbowó, ọmọ mi. Bí ẹ̀kọ́ bá dé, ìwọ ni n ó kọ́kọ́ pè."

Ó lọ. Owó dé lóòótọ́: wọ́n ra sítóòfù gáàsì, ojú ìyá rọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́, ohun tó ṣe lónìí náà ni yóò ṣe lọ́la: yọ àsẹ́, fọ àsẹ́, dá àsẹ́ padà. Bí kílíìmù bá bàjẹ́ gan-an, ará ìta ni wọ́n ń pè, wọn a ní kí Soukourath di àkàbà mú.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú fírígò tuntun wọn kò mú omi tutù mọ́. Wọ́n pe oníṣẹ́. Ta ló wọlé? Rachidou, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bouraïma, èyí tí Soukourath kọ́ bí a ti ń di iná ìjópáìpù mú. Òṣùwọ̀n kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Háà, ẹ̀gbọ́n! Ẹ ti di ìyá olówó oṣù."

"Níbo lo ti kọ́ èyí?"

"Cotonou ni. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ní kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan mú ọmọ iṣẹ́ kan wá, èyí tó dàgbà jù. Ọ̀gá ní ẹ kọ̀ ọ́, pé owó lẹ fẹ́."

"Nígbà wo ni wọ́n gba orúkọ ẹ?"

"Ẹ ò tíì lọ nígbà yẹn. Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ bá mi na aṣọ funfun sẹ́yìn fún fọ́tò tí wọ́n gbà mọ́ orúkọ náà ni?"

Ó rántí. Òun ló di igun aṣọ náà mú, láìmọ ohun tí fọ́tò náà wà fún. Ó tiẹ̀ ń bá a ṣeré pé kó rẹ́rìn-ín, kí fọ́tò má bàa jọ tọlọ́pàá.

Lálẹ́ yẹn, ó bá Bouraïma níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Ọ̀gá, nígbà tí mo wá gba ìmọ̀ràn, àyè Cotonou ti wà lọ́wọ́ yín."

"Ṣé o ò rówó gbà níbi tí mo ní kó o lọ ni? Ẹ̀jẹ̀ mi ni Rachidou. Ìwọ, lọ́la ọkọ á gbé ẹ lọ, iṣẹ́ á bá ẹ lọ."

"Bàbá mi ní kẹ́ ẹ má fi nǹkan pamọ́ fún mi."

"Bàbá ẹ ti kú."

Soukourath yí padà, ó gba ilé lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti lọ bá Ọ̀gá Assani tó ń tún fírígò ṣe ní Adjarra, pé ó mọ gáàsì tuntun, ó sì gbà láti kọ́ òun, ṣùgbọ́n bí ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, kò ní sówó. "Lójú mi ló ti wọn gáàsì náà, Ìyá. Kò fi pamọ́ fún mi."

Kouboura gbé sítóòfù wọ yàrá, ó da aṣọ bò ó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti to òkúta ààrò mẹ́ta padà síwájú ilé, èéfín igi ti ń rú.

Ibi ṣọ́ọ̀bù Bouraïma ni Soukourath ń gbà kọjá lọ sí Adjarra. Ó ń kí i láràárọ̀. Kò kúnlẹ̀ mọ́.