Bí Mo Ṣe Sọ Ọjọ́ Méje Di Ọjọ́ Kan

Iṣẹ́ mi ni láti sọ ohun tí dókítà bá ní kí n sọ. Ní ilé ìtọ́jú eyín kékeré tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìlaròó, tí dókítà bá ti yọ eyín tán, á bọ́ ìbọ̀wọ́, á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èmi ni mo máa jókòó ti ẹni tí wọ́n yọ eyín fún, tí òwú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, tí n ó ka òfin fún un: ẹ má yọ ẹnu lónìí, ẹ má fi ọwọ́ kàn án, ẹ má fi nǹkan gbígbóná sẹ́nu, ẹ má sì mu sìgá fún ọjọ́ méje. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún débi pé mo lè sọ ọ́ lójú oorun. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo dín in kù fún, ẹ̀gbọ́n mi sì ni.

Ọdún tí ìjọba ti bodè pa ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ti ń wa tírélà láti Kútọnu wọ Ìdíìrókò láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Ọkọ̀ yẹn ni wọ́n fi rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lẹ́yìn tí bàbá wa kú. Àfi bí wọ́n ṣe jí lọ́jọ́ kan, tí wọ́n gbọ́ pé ìjọba ti ti bodè pa, tí kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí yóò ṣí. Àwọn tó pàṣẹ náà ò mọ àwọn ìlú ẹ̀bá bodè bí Owódé, wọn ò sì mọ ẹni tó ń ti ibẹ̀ jẹun. Ẹni tó ni tírélà wá gbé ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi padà sí ilé bàbá wa ní Ayétòrò, wọ́n á gbé àga síta láti àárọ̀, wọ́n á máa mu sìgá. Tẹ́lẹ̀, páálí-páálí ni wọ́n ń rà á. Nígbà tá à ń wí yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, wọ́n sì máa ń mu ún títí iná á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jó wọn níka. Inú mi bàjẹ́ láti máa wo ọkùnrin tó ti kọjá ní gbogbo ẹnubodè, kó máa jókòó bí arúgbó tí wọ́n gbàgbé síta.

Nígbà tó yá, a gbọ́ pé wọ́n ń wá awakọ̀ tírélà ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ìbèsè. Wọ́n mú orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ilé iṣẹ́ náà sì ní kí wọ́n wá ṣe ìdánwò ọkọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ayọ̀ ọjọ́ náà ò ṣe é fẹnu sọ. Ṣùgbọ́n eyín kan ń bẹ lẹ́nu wọn, ní ìsàlẹ̀ lápá òsì lẹ́yìn, tí kòkòrò ti jẹ dé ìdí, tí kì í jẹ́ kí wọ́n sùn. Wọ́n ní àwọn ò lè fi eyín yẹn jókòó sídìí ọkọ̀ níwájú ọ̀gá kankan. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n wá yọ ọ́ ní ọjọ́ Ajé, kí ìrora rẹ̀ ti lọ kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Eyín náà le, ó pẹ́ kó tó jáde, ṣùgbọ́n ó jáde. Dókítà wa, ọmọkùnrin kan tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, fi òwú dí ojú ihò náà, ó ní kí wọ́n di eyín mọ́ ọn, ó sì kọjá. Ó wá ku èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Mo ka òfin mi dé ibi sìgá, mo ní, "Ọjọ́ méje, ẹ̀gbọ́n mi."

Òwú ò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀, ni wọ́n bá na ìka kan sókè.

Ẹ ní láti mọ bí àwọn ará bodè ṣe ń nájà kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé yín. Tí ẹ bá pàdé ẹni tó jẹ́ Faransé nìkan ló gbọ́, ìka lẹ fi ń sọ̀rọ̀. Òun á na mẹ́wàá, ẹ̀yin á na mẹ́rin, ẹ ó máa bá a bọ̀ títí ìka yín méjèèjì á fi dọ́gba, ẹ ó wá bọ ara yín lọ́wọ́. Kò sí ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ò lè fi ìka ná ní Ìdíìrókò. Mo rẹ́rìn-ín, mo na márùn-ún. Ìka kan náà ni wọ́n nà. Mo na mẹ́ta. Wọ́n mi orí, ìka kan ṣoṣo yẹn ò kúrò lókè. Nígbà tí wọ́n rí i pé mi ò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́, wọ́n fi ahọ́n ti òwú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìjọba ti gba bodè lọ́wọ́ mi," wọ́n ní, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń bá itọ́ jáde. "Ṣé ìwọ náà fẹ́ gba èyí ni, àbúrò mi?"

Àánú ṣe mí. Ojú tì mí pẹ̀lú, torí ta ni mí tí n ó fi máa pàṣẹ fún ẹni tó rán mi níwèé? Mo ká méjì nínú ìka mi mẹ́ta. Mo ní, "Ó dáa. Ó di ọ̀la lákòókò yìí." Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni tó ra ọjà lọ́pọ̀.

Ohun tí n kò sọ fún wọn ni mo fẹ́ sọ báyìí, ìgbà tí ẹ̀pà ò bóró mọ́. Tí eyín bá kúrò, ẹ̀jẹ̀ á kún ihò rẹ̀, á sì dì. Àwọn èèyàn wa rò pé ẹ̀jẹ̀ burúkú ni, wọ́n fẹ́ tu ú dànù. Òun gan-an ni ìdérí. Bí a ṣe ń fi ewé bo orí ebè iṣu kí oòrùn má bàa pa ohun tó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn ṣe bo egungun, abẹ́ rẹ̀ sì ni ẹran tuntun ti ń hù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fa sìgá, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, á rún wọlé. Fífà yẹn lè fa ẹ̀jẹ̀ dídì kúrò láyè rẹ̀. Kí ó má tilẹ̀ fà á kúrò, májèlé inú tábà á mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹnu fún, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gbé oúnjẹ àti atẹ́gùn wá fún egbò ò ní dé tó, èéfín gbígbóná á sì tún máa dà sórí egbò tútù. Ọjọ́ kan ò lè tó fún irú egbò bẹ́ẹ̀. Mo mọ gbogbo èyí dáadáa, mo ti fi ṣe ìdánwò rí, mo sì yege.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀.

"Ṣé ó ti tó?"

Mo ní ó ti tó. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣá ìṣáná. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "O ṣeun, àbúrò mi," wọ́n sì pa fóònù.

Mẹ́ta ni wọ́n mu lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ibi tó ti ń san bọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Wọn ò pè mí. Wọ́n gbé oògùn ìrora mì, wọ́n ní yóò lọ. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, ìrora náà ti kúrò ní ẹnu nìkan, ó ti gun etí, ó ti dé ẹ̀bátí, wọ́n sì gun ọ̀kadà lọ sí Ìbèsè bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi ṣe níbẹ̀ ò ju kí wọ́n fi ẹ̀yìn wa tírélà wọ àárín àwọn àgbá kan lọ. Ẹ̀gbọ́n mi lè ṣe é pẹ̀lú ojú dídì. Wọ́n ní bí àwọn ṣe yí orí láti wo dígí ni ìrora náà sán bí ìgbà tí wọ́n kan ìṣó sí àwọn létí, ọwọ́ àwọn kúrò lórí sítíárì, àgbá méjì sì wó. Ọ̀gá tó dúró níbẹ̀ ò bínú. Ó kàn ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó sì pe ẹni tó kàn.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wá sọ́dọ̀ wa ní Ìlaròó. Kí wọ́n tó la ẹnu tán ni òórùn ti fẹ́ sí mi, òórùn ohun tó ti rà. Dókítà ní kí n gbé iná sún mọ́ ọn. Ihò náà ṣófo. Kò sí ẹ̀jẹ̀ dídì kankan níbẹ̀ mọ́, egungun funfun ni mo rí, ní gbangba, láìní aṣọ lára.

"Dírái sọ́kẹ́ẹ̀tì," dókítà ní. Ó wá ṣàlàyé fún wọn, ohùn rẹ̀ ò le: pé ìdérí egbò ti lọ, pé egungun tó wà níta yẹn ni atẹ́gùn, itọ́ àti oúnjẹ ń kàn, pé ìdí nìyẹn tí ìrora fi máa ń dé ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, nígbà tí èèyàn ti rò pé ó ti tán. Ó sọ ohun tí sìgá ṣe níbẹ̀. Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ lọ́jọ́ Ajé ló sọ, kò sì gbà á ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Ó béèrè pé, "Bàbá, ṣé wọn ò sọ fún yín pé ọjọ́ méje ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Ojú wọn pọ́n, omi sì wà nínú rẹ̀. Mo tẹjú mọ́ iná tí mo dì mú.

"Nọ́ọ̀sì sọ fún mi dáadáa," wọ́n ní. "Ọjọ́ méje ló wí. Etí mi ló di."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ẹnu mi ò rà, eyín mi pé, mo sì jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Mo ń ro iṣẹ́ mi, lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù tirẹ̀.

Dókítà fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ihò náà pẹ̀lẹ́, ó sì ki aṣọ egbò tẹ́ẹ́rẹ́ tó rẹ sínú oògùn bọ̀ ọ́. Òórùn oògùn náà jọ ti kànáfùrù. Kò pẹ́ tí èjìká ẹ̀gbọ́n mi fi sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n mí bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n máa wá kí òun máa pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n má sì fi sìgá kan ẹnu. Wọ́n ní àwọn gbọ́.

Wọ́n ń wá lóòótọ́. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti gba awakọ̀ tó ń fẹ́, bodè ò sì ṣí. Ní ọjọ́ tí wọ́n wá kẹ́yìn, ọ̀kadà tí wọ́n yá ni wọ́n gùn wá, òun ni wọ́n fi ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ẹnu géètì Ìbèsè láràárọ̀. Dókítà wo ẹnu wọn, ó ní ẹran tuntun ti ń bo egungun, ó yìn wọ́n, ó sì jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi lórí àga. Wọ́n na ìka ọwọ́ wọn méjèèjì sókè, mẹ́wàá pé, wọ́n ká wọn, wọ́n tún na ẹyọ kan.

"Ọjọ́ mọ́kànlá rèé, mi ò fi kan ẹnu," wọ́n ní, inú wọn dùn bí ọmọdé. "Ṣé o rí i pé mo lè ṣe é?"

Mo ní, "Mo rí i, ẹ̀gbọ́n mi."