Páìpù Tí Káfíńtà Gé Kúrú

Ọdún tí ogun abẹ́lé parí ni mo dé Port Harcourt. Àwọn iléeṣẹ́ epo ń padà bọ̀, wọ́n sì ń wá púlọ́ńbà tí yóò tún páìpù ilé àwọn ọ̀gá wọn ṣe. Omi ìlú ń wá nígbà tó bá wù ú, iná ń ṣe bó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ìyàwó ọ̀gá kan, ọmọ Ẹ̀gbá, ti kó ẹ̀rọ tó ń fọ aṣọ àti èyí tó ń fọ abọ́ dé láti ìlú òyìnbó. Àṣé ohun tí ìlú tí ogun fọ́ ń dúró dè nìyẹn.

Wọ́n ní kí n wá wo ẹ̀rọ méjèèjì. Kí n tó gbé àpótí irinṣẹ́ sílẹ̀, Màdáámù ti dá ẹjọ́ tán.

"Púlọ́ńbà, ẹ bá mi wò ó dáadáa o. Omi ń wọnú ẹ̀rọ aṣọ yẹn, kì í kún. Abọ́ tí èkejì bá sì fọ̀, ọ̀rá ọbẹ̀ ló máa ń wà lára ẹ̀. Alágbàfọ̀ yìí ló ń bà wọ́n jẹ́, kò fẹ́ kí ẹ̀rọ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Tẹ́ ẹ bá ti lè sọ pé kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ, sójà ni màá fà á lé lọ́wọ́."

Alágbàfọ̀ náà, ará Amadi-Ama nítòsí ìlú, bàbá ọlọ́mọ, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n "sójà" kò nílò ògbufọ̀.

"Oga, I no touch am," ó ní. "For war time dem call me sabo, dem beat me well well. Abeg, look am well."

Sabo ni wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó ń ta ìlú fún ọ̀tá. Wọ́n ti na ọkùnrin yìí nítorí ogun, ó wá kù kí wọ́n nà án nítorí ṣòkòtò ọ̀gá. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í bá mi tún páìpù ṣe.

Mo ṣí táàpù ara ògiri. Omi tú jáde pẹ̀lú agbára, ọ̀nà tó ń gbà wọlé dára. Mo wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ta ló so ibi tí omi ń gbà jáde yìí, mà?"

"Káfíńtà ará ìlú wa ni. Òun ló kan kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kò sóhun tó nira níbẹ̀."

Káfíńtà kú iṣẹ́. Páìpù tó yẹ kó nàró ga dé ìbàdí mi, ó ti gé e sí ìsàlẹ̀ orúnkún kó lè bá kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ mu. Ó wá ki họ́ọ̀sì ẹ̀rọ aṣọ bọ̀ ọ́, ó fi rọ́bà táyà wé ẹnu rẹ̀ pinpin. Lójú káfíńtà, ohun tó bá ti lẹ̀ mọ́ra ló dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnu họ́ọ̀sì bá rẹlẹ̀ ju omi inú ẹ̀rọ lọ, bí omi ṣe ń wọlé ni yóò máa ṣàn jáde. Ó tún tẹ́ họ́ọ̀sì ẹ̀rọ abọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó so ó mọ́ páìpù síǹkì. Bí síǹkì bá ti fẹ́ dí, omi ọbẹ̀ á gbabẹ̀ padà wá kí abọ́ kú ilé.

Mo tú gbogbo rẹ̀. Mo gbé páìpù tuntun nàró dé ìbàdí, mo fi ọrùn tó tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi tó bá dúró níbẹ̀ lè dí òórùn lọ́nà. Mo gbé họ́ọ̀sì méjèèjì sókè, mo fi wọ́n kọ́ ẹnu páìpù láìdì í, àlàfo wà láàárín ẹnu wọn àti omi ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ á máa gbabẹ̀ wọlé, kò sí nǹkan tó máa fa omi jáde mọ́. Bí páìpù bá sì dí, ilẹ̀ ni ìdọ̀tí á tú sí, kì í ṣe inú abọ́.

A tan ẹ̀rọ aṣọ. Omi kún, ó dúró. Alágbàfọ̀ ń wò ó bí ẹni ń wo adájọ́. Aṣọ yí, omi jáde. A tan ẹ̀rọ abọ́ náà, abọ́ mọ́ kedere.

"Kì í ṣe ọkùnrin yìí, mà," mo ní. "Páìpù ni."

"Ẹ ṣeun, púlọ́ńbà. Ọlọ́run mà yọ ọkùnrin yìí o!" Ó yíjú sí alágbàfọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "You see? No be you. Machine dey work now, so from tomorrow, no come again."

Alágbàfọ̀ bá mi gbé àpótí irinṣẹ́ dé gééètì. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Oga, God bless you. You don clear my name."

Ó dúpẹ́ títí. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bú mi.