Nótíìsì Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Kọ

Olùkọ́ wa ní ẹ̀ka òfin kì í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan nínú oṣù kẹta, ó kọ ìbéèrè kan sójú pátákó: ayálégbé ń san owó ilé lọ́dọọdún, kò sí ìwé àdéhùn. Onílé fún un ní nótíìsì oṣù mẹ́fà, àmọ́ àárín ọdún tó ti san owó rẹ̀ ni nótíìsì náà parí sí. Ṣé ó dúró lábẹ́ òfin? Ojú ewé kan péré la máa kọ: ohun tí òfin wí, ẹjọ́ tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àti ìwé àti ojú ewé tí a ti rí i. Ẹni tó bá kọ èrò inú ara rẹ̀, òdo ló máa gbà.

Olùkọ́ ò mọ̀ pé ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá lòun ń sọ.

Aránṣọ kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń gbé yàrá méjì lẹ́yìnkùlé wa. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ló kó wọlé, oṣù kìíní náà ló sì máa ń san owó ọdún. Bàbá mi fẹ́ kó àbúrò rẹ̀ síbẹ̀, ó sì ti fún aránṣọ ní nótíìsì oṣù mẹ́fà pé kó jáde ní ìparí oṣù kẹrin. Oṣù karùn-ún ni ọmọ rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àṣejáde. Yàrá kan ṣoṣo tó rí, Ayọ̀bọ̀ ni, bí òjò bá sì ti rọ̀, ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣeé gbà. Obìnrin yìí ló ń rán yúnífọ́ọ̀mù mi láti kékeré, kò sì gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ màmá mi rí. Bàbá mi ló sì ta ilẹ̀ kí n lè wọ yunifásítì. Ta ni kí n wá já kulẹ̀?

Ní láíbìrì, òfin ìpínlẹ̀ ò fún mi ní wàhálà. Ó ní bí kò bá sí ẹ̀rí mìíràn, àkókò tí wọ́n ń san owó ilé la fi ń mọ irú ayálégbé téèyàn jẹ́, ìdajì ọdún sì ni nótíìsì ẹni tó ń san tọdúntọdún. Ọjọ́ tó yẹ kó parí ló kù. Mo tú atọ́ka ìwé ìròyìn ẹjọ́ títí mo fi rí ẹjọ́ kan. Láàárín ìdájọ́ náà, mo kà á pé bí oṣù mẹ́fà bá ti pé, ọjọ́ yòówù kó parí, kò burú. Inú mi dùn, mo ti ń dà á kọ. Ìgbà tí mo padà sókè láti wá nọ́ńbà ojú ewé ni mo rí i pé adájọ́ ò tíì sọ tẹnu rẹ̀. Àròyé lọ́yà onílé ló ń tún sọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Díẹ̀ ló kù kí n di ọ̀kan. Nísàlẹ̀ ni adájọ́ ti dá àròyé náà nù: nótíìsì gbọ́dọ̀ parí pẹ̀lú òpin ọdún ayálégbé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, asán ni. Mo wò ó bóyá ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ ti yí i padà. Wọn ò yí i.

Ní Sátidé, bàbá mi pe aránṣọ wá sí pálọ̀. Màmá mi ti sọ fún bàbá mi pé iṣẹ́ tí wọ́n fún mi bá ọ̀rọ̀ ilé mu, ó sì fẹ́ kí obìnrin náà gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ òun.

"Kà á," ó ní. "Kí wọ́n má baà sọ pé mò ń fagbára ṣe é."

"Bàámi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní yàrá."

"Kí ló wà níbẹ̀ tí ò ń fi pamọ́? Kà á jàre."

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi "asán ni", bàbá mi dìde. Mo rò pé yóò nà mí lójú àlejò. Ó gba ìwé náà, ó wò ó pẹ́.

"Ìgbà wo ló wá yẹ kó parí?"

"Ìparí oṣù kejìlá, sà."

"Bí mo bá fún wọn ní òmíràn lónìí, tó parí lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

Mo mọ ìdáhùn, mo sì mọ ibi tó ń lọ.

"Á dúró, Bàámi. Lẹ́yìn rẹ̀, nótíìsì ọjọ́ méje, kí ẹ tó lọ kóòtù."

"Ó dáa. Mú bírò wá, kí o kọ ọ́ bó ṣe yẹ."

Mo kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i. Aránṣọ kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Ẹ ṣé, Bàbá," ó ní. Ó wá yíjú sí mi. "O ṣé, ọmọ mi. Àbúrò ẹ á ṣe ìdánwò."

Ọmọ náà ṣe é, ó sì yege. Èmi ni mo gba máàkì tó ga jù ní kíláàsì. Nígbà tí oṣù kejìlá ń parí lọ, tí wọ́n ń di ẹrù lẹ́yìnkùlé, mo yọ ẹ̀dà nótíìsì náà jáde, mo ń wá àṣìṣe kan ṣoṣo tí mo lè fi dá wọn dúró. N kò rí i. Mo ti kọ ọ́ dáadáa jù.