Mo Ní Iṣẹ́kíṣẹ́ Ni Mo Lè Ṣe

Ẹ wá wò mí o! Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìkówọlé àti ìtọ́jú ọjà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Rexdale, nílùú òyìnbó níbí, tí mo ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Excel, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti lẹ́tà kékeré kan. Mi ò tíì gba owó oṣù rí láyé mi. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ni mo fẹ́ ṣe, work permit mi, ìwé àṣẹ tí mo lè fi ṣiṣẹ́ níbí, sì ti ń lọ sópin. Tí ó bá parí kí n tó ríṣẹ́ gidi, ilé yá nìyẹn, mi ò sì fẹ́ padà lọ́wọ́ òfo.

Ẹni tí mo fẹ́ kọ̀wé sí ni recruiter kan, obìnrin tó ń bá àwọn ilé iṣẹ́ oníwarehouse wá òṣìṣẹ́. Ó ti wá bá wa sọ̀rọ̀ nílé ìwé, ó sì fún wa ní ímeèlì rẹ̀.

Auntie tí mo gba yàrá lọ́wọ́ wọn ní Weston ní kí n ka lẹ́tà náà sétí àwọn. A kì í ṣe ẹbí, ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n ti pẹ́ nílùú yìí, mo sì gbà pé wọ́n mọ ohun gbogbo.

"Ìrẹ̀lẹ̀ dà níbẹ̀?" ni wọ́n bi mí. "Sọ fún un pé ọmọ Ọlọ́run ni ẹ́, pé o ní ìtẹríba, pé iṣẹ́kíṣẹ́ tó bá fún ẹ lo máa ṣe. Kó o wá ṣàdúrà fún un nísàlẹ̀."

Mo kọ gbogbo rẹ̀. Mo tún fi ọjọ́ orí mi sí i, mo ní mi ò tíì lọ́kọ. Ọjọ́ orí! Ta ló bi mí?

Mo fi ránṣẹ́, ọjọ́ kejì lèsì dé: "Ẹ ṣé fún àdúrà yín. Iṣẹ́ wo gan-an lẹ ń wá? Kí lẹ ti ṣe tó jọ ọ́? Ẹ má fi ọjọ́ orí tàbí ọ̀rọ̀ ọkọ sínú ẹ̀ mọ́, mi ò lè tìtorí ẹ̀ yan ènìyàn."

Ojú tì mí, inú sì bí mi sí ara mi. Nílé wa, ẹni tó bá ní iṣẹ́kíṣẹ́ lòun máa ṣe, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Àmọ́ àyè kan pàtó ni obìnrin yìí ń wá ẹni tó máa kún un, èmi wá ní kó máa méfò ibi tó máa fi mí sí.

Mo wá rántí oúnjẹ tí ìjọ wa ń pín fún àwọn aláìní. Ọdún kan àbọ̀ ni mo ti ń ṣe é ní gbogbo Sátidé. Mo ń gba ẹrù wọlé, mo ń kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà, èyí tó máa tètè bàjẹ́ ni mo ń kó síwájú. Auntie ni olórí wa níbẹ̀. Mo ní mo fẹ́ kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà.

"Háà! Iṣẹ́ Ọlọ́run lo fẹ́ fi fọ́nnu? Láéláé!"

"Ẹ má bínú mà. Ṣé irọ́ ni? Ṣé èmi kọ́ ni mo ṣe é?"

Wọ́n pòṣé, wọ́n gbé báàgì, wọ́n lọ sí shift wọn. Mo jókòó, mo kọ tèmi.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ mi ni. Iṣẹ́ akọ̀wé ọjà (inventory clerk) ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni mò ń wá. Mi ò tíì ṣiṣẹ́ olówó oṣù rí." Mo ṣàlàyé ti oúnjẹ ìjọ ní ìlà méjì. Mo ní work permit mi wà nílẹ̀, mo lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. "Ṣé irú àyè bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín báyìí?" Mo so CV mi mọ́ ọn, mo tẹ̀ ẹ́ lọ. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ó pè mí. Àyè kan wà ní Burlington. Mo lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mo sì ṣe dáadáa, kí n má parọ́. Ni recruiter bá ní ó ku ohun kan: òun fẹ́ bá ẹni tó jẹ́ olórí mi nídìí oúnjẹ yẹn sọ̀rọ̀.

Yéè! Auntie tí mo tàpá sí ọ̀rọ̀ wọn! Mo kúnlẹ̀ sí kíṣìnì, mo jẹ́wọ́ pé mo ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Wọ́n fà mí dìde. "Fún un ní nọ́ńbà mi," ni wọ́n wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, fóònù wọn dún, recruiter ni. Wọ́n fi í sí speaker, wọ́n gbé e sórí tábìlì kí èmi náà lè máa gbọ́. Ṣé mo máa ń pẹ́ dé? Rárá. Ṣé àkọsílẹ̀ mi máa ń péye? Wọ́n ní kò sí ìgbà tí mílíìkì kan bàjẹ́ látìgbà tí mo ti dé ibẹ̀. Recruiter wá béèrè ìbéèrè tí wọ́n máa ń fi parí ẹ̀: tó bá jẹ́ pé Auntie ló ń wá ẹni tó máa ṣiṣẹ́, ṣé wọ́n máa tún gbà mí?

Auntie sún mọ́ fóònù náà.

"Mi ò tiẹ̀ fẹ́ kó lọ ni," wọ́n sọ ọ́ lóyìnbó, ohùn wọn sì yí padà. "Burlington jìnnà. Ó máa kó jáde nílé mi, á sì tún ku èmi nìkan. Àmọ́ ẹ gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á."

Láti ọjọ́ tí mo ti ń wáṣẹ́ yìí, mi ò fi ìgbà kan rò ó pé ẹnì kan wà tí mo máa fi sílẹ̀.