Ẹ̀sùn Tí Wọ́n Fi Kan Bàtà

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni Bàbá Oníbàtà. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti ń rán bàtà nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó wọ̀, tó ń rùn fún awọ àti góòmù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, nítorí náà màá gbìyànjú láti sọ òtítọ́ nípa rẹ̀.

Òtítọ́ àkọ́kọ́ ni pé ẹnu rẹ̀ kò ní ìjánu. Bí oníbàárà bá wọlé, tó ní kókó líle kan ń ro òun lábẹ́ ẹsẹ̀, Bàbá Oníbàtà kì í wo ẹsẹ̀. Bàtà ló máa ń wò. Á fi ìka méjì gbé e sókè bí ẹni gbé òkú eku. "Ta ló rán èyí? Ṣé ọ̀tá yín ni?" Á wá dájọ́: "Kò sí kókó lábẹ́ ẹsẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀bi bàtà. Ẹ jù ú nù." Oníbàárà á jù ú nù, á sì ra èyí tí Bàbá rán.

Ìgbà tó yá, kókó yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ òun náà, nítòsí gìgísẹ̀. Kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, ṣùgbọ́n bó bá tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ á rún bíi ti ẹni tó mu ọsàn kíkan. Bàtà tó ń wọ̀ ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ ló rán an.

Mọ́mì Ńlá, ìyàwó rẹ̀, fi ìka méjì gbé bàtà náà. "Ta ló rán èyí? Ṣé ọ̀tá yín ni?"

"Gbé e sílẹ̀, ìyàwó mi."

Ó lọ fi ọ̀bẹ awọ bẹ́ kókó náà ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ yọ tó-tò-tó bí ìgbà tí a fi abẹ́rẹ́ gún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kókó náà tún ga sí i.

Báyìí ló ṣe tiro lọ sí ilé ìwé wa láti fi àpẹẹrẹ bàtà han ọ̀gá wa obìnrin, ẹni tó fẹ́ kó rán bàtà gbogbo ọmọ ilé ìwé. Ọ̀gá wò ó láti ẹnu ọ̀nà dé orí àga.

"Bàbá, bàtà ta lẹ wọ̀ yẹn?"

"Tèmi ni, Màdáámù."

"Kí ló ń ṣe yín lẹ́sẹ̀?"

"Kókó kékeré kan ni."

"Kókó? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀bi bàtà ni gbogbo kókó? Bí bàtà yín bá ṣe ẹ̀yin báyìí, kí ló máa ṣe àwọn ọmọ mi? Ọjọ́ Ẹtì ni mo fún yín. Bí mi ò bá gbọ́ àlàyé, màá pe ẹlòmíràn."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mọ́mì Ńlá ní kí n tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn, kó má baà sá. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ó ní rárá. Nọ́ọ̀sì fi ìka tẹ kókó náà ní tààrà. Bàbá Oníbàtà kàn mí kanlẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá fún un pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

"Yéè! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Mo fẹ́ mọ̀ ni, Bàbá. Èyí tí bàtà ń fà, tí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ló máa ń dunni jù. Àwọn ìlà awọ ẹsẹ̀ á gba orí rẹ̀ kọjá, kò sì ní àmì dúdú. Tiyín, fífún tí mo fún un pọ̀ ló dùn yín jù, ìlà yà fún un, àmì dúdú wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dì nínú iṣan kékeré ni. Kòkòrò àìfojúrí ló fà á. Ó máa ń ranni, pàápàá níbi tó tutù tí àwọn èèyàn ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn."

"Ẹ dúró ná. Kì í ṣe bàtà?"

"Kì í ṣe bàtà."

N kò tíì rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ pé òun lárùn. Kò gbọ́ ìyókù dáadáa, èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀: kó rẹ ẹsẹ̀ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kó rọra ha awọ tó ti kú, kó fi oògùn olómi sí i lójoojúmọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, kó bò ó, kó má sì fi ọ̀bẹ awọ bẹ́ ẹ mọ́ láyé.

A gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá lọ tààrà. Kí n tó lè dá a dúró, ó ti bọ́ bàtà, ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè níwájú tábìlì. "Ẹ wò ó, Màdáámù! Kòkòrò ni! Bàtà mi kò mọwọ́ mẹsẹ̀!"

"Ẹ wọ bàtà yín padà!" Ọ̀gá ti àga sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó tún na ọrùn wo àtẹ́lẹsẹ̀ náà. "Àwọn àmì dúdú yẹn wà nínú tèmi náà lọ́jọ́sí tí mo wá sí ṣọ́ọ̀bù yín. Ṣé ẹ wo ẹsẹ̀ mi nígbà yẹn?"

Bàbá Oníbàtà wo ilẹ̀. "Bàtà ni mo wò, Màdáámù."

"Ẹ ní kí n ju bàtà ìgbéyàwó mi nù. Mo jù ú. Odidi ọdún kan ni kókó náà tún lò kó tó parẹ́ fúnra rẹ̀."

Bàbá Oníbàtà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́. Ọ̀gá ní kó dìde, òun á gbé iṣẹ́ náà fún un, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Èmi ni mo kọ ọ́: KÍ NỌ́Ọ̀SÌ WO ẸSẸ̀ YÍN KÍ A TÓ BÚ BÀTÀ.

"Kọ ọ́ kékeré," ni Bàbá Oníbàtà ń sọ lẹ́yìn mi. "Jẹ́ kó tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló ní kó o ra káádì tó tóbi tó yìí?"